Ojú Ewé Márùn-ún Tí Mo Gé Kúrò

Ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé eré tí mo kọ. Àjọ̀dún fíìmù tí a fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ní fíìmù kankan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àti àkọlé àti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Olùdarí wa ló ka òfin náà sí mi létí nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbójú sókè wò mí.

Mo ti kọ́ ọ ní Yorùbá rí nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama. Fíìmù ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n eré ló wù ú. Títí di òní, "Mà" ló ń pè mí.

"Ojú ewé kan, ìṣẹ́jú kan, Mà," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á. Kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, ṣùgbọ́n òun la fi ń mọ ibi tí à ń lọ. A gbọ́dọ̀ wá sí mẹ́wàá."

Mo bi í bóyá a ò kàn lè ya gbogbo rẹ̀, ká wá gé e nígbà tó bá ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà.

"A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré la ní kámẹ́rà àti àwọn òṣèré. Tí a bá ya ojú ewé márùn-ún tí a máa gé dànù, a ti sọ ìdá mẹ́ta ọjọ́ wa nù. Orí ìwé ni ká ti gé e."

Mo ní kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nígbà náà nìyẹn, fún gbogbo nǹkan.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ṣòro. Ìyá kan wọkọ̀ láti Ìgèdè wá sí Adó láti kó ẹrù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú. Káfíńtà ni ọmọ náà. Ìyá dé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó dé yàrá tó ń gbé, ó kó ẹrù, ó padà sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé Adó, bá a lọ gbogbo ibẹ̀. Ìyá mi ni ìyá náà. Àbúrò mi ni káfíńtà. Èmi ni ọmọbìnrin. Ibà mú àbúrò mi lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ó ti lọ. Olùdarí mọ̀, torí ó wá síbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n a ò jọ sọ ọ́ rí.

Ó ti lé lọ́dún kan tí àbúrò mi ti kú kí n tó kọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ máa ń bi mí bóyá mo sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò sunkún. Bí mo ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ Ajé ni mo ṣe kọ ọ́: èyí ṣẹlẹ̀, èyí tẹ̀ lé e. Mo ń retí kí nǹkan kan ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nílé mi ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń ṣe tí mo bá ní kí wọ́n má kọ ju ojú ewé méjì lọ. Mo dín bí lẹ́tà ṣe tóbi kù díẹ̀, mo sì fa etí ìwé sẹ́yìn ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di mẹ́tàlá láìgé ọ̀rọ̀ kan. Mo fi ránṣẹ́ sí olùdarí. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pè mí.

"Mà, ìwé lẹ gé, ẹ ò gé àsìkò."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ni pé mo gbọ́ tí ẹ̀rín jáde lẹ́nu mi. Ó dá lẹ́tà padà sí bó ṣe wà, ó sì ṣàlàyé fún mi. Iye ojú ewé kò nítumọ̀ àyàfi tí lẹ́tà àti etí ìwé bá wà bí gbogbo ayé ṣe ń lò wọ́n. Torí ìyẹn ni ojú ewé kan ṣe lè dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí n máa wọ ìran kọ̀ọ̀kan bó bá ti ń gbóná, kí n sì jáde níbẹ̀ kó tó tutù. Ó ní kí n wo ibi tí ènìyàn méjì bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí n mú ẹnì kan kúrò.

Mo tẹ ìwé náà jáde, mo sì gbé e lọ sí ilé-ìwé. Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí mi ò bá ní kíláàsì, pẹ̀lú bírò pupa tí mo fi ń máàkì. Ìran kan wà níbi tí ìyá ti yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọkọ̀, tí fadá súre fún un. Ojú ewé kan ààbọ̀. Mo fa ìlà pupa sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn tún gba olùdarí lọ́wọ́ wàhálà wíwá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa jẹ́ ká ya fíìmù. Ó ku mẹ́tàlá ààbọ̀.

Inú ọkọ̀, obìnrin kan tó jókòó ti ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tirẹ̀, ojú ewé méjì gbáko. Mo fi ìdajì sílẹ̀. Ó ku méjìlá. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ìyá àti ọ̀gá ń kí ara wọn. Ẹ kú àárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ará ulé ńkọ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Gbogbo rẹ̀ rí bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Èkìtì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́. Ó gba ìdajì ojú ewé. Mo jẹ́ kí ìran náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀gá ti ń fi etí aṣọ nu ìyẹ̀ pákó kúrò lórí bẹ́ńṣì kí ìyá lè jókòó. Mọ́kànlá ààbọ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mú ọ̀rọ̀ kan kúrò níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, ó lọ sí mọ́kànlá àti díẹ̀, ó tún padà. Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ bá olùdarí ní Adébáyọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ti fi bírò fa ìlà yí ibì kan ká lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

"Mà," ó ní, "ọmọbìnrin yìí."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn." Ó ṣí ìwé náà sí iwájú mi. "Ẹ wò ó. Ó dé láti Adó lórí ọ̀kadà, ojú ewé kan. Ó jókòó ti ìyá nínú ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró. Ní yàrá, ó dúró. Tí ìyá bá béèrè nǹkan, yóò ní 'bẹ́ẹ̀ ni, Mà.' Tí a bá mú un kúrò, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ìtàn. Ìyá á kàn dá lọ."

Mo wo ìwé náà. Òótọ́ ló sọ. Mo ka gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ju ìlà méjìdínlógún lọ, mẹ́jọ nínú wọn ni "bẹ́ẹ̀ ni." Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ ọ́, n bá ti kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé kí ni ẹni yìí ń ṣe níbí.

"Ẹ má bínú, Mà," olùdarí ní. "Mo mọ̀ pé..."

"Mi ò bínú," mo ní. "Mú un kúrò."

Orí tábìlì rẹ̀ níbẹ̀ la ti ṣe é. Ìran tó ti dé lórí ọ̀kadà lọ pátá, ojú ewé kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi yòókù jẹ́ ìdajì ojú ewé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà to ìwé náà padà, ojú ewé tó kẹ́yìn parí ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mẹ́wàá géérégé. Olùdarí na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́. Ó kọ́ mi pé kí n fi orúkọ mìíràn pa ìwé ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí n má fi tuntun bò ó mọ́lẹ̀, torí a kì í mọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba iwájú àwọn alásun tó ń sun ẹran ewúrẹ́ ní ìkóríta, mo ra búrẹ́dì, mo lọ sílé, mo sì sùn.

Olùkọ́ kẹ́místìrì ilé-ìwé wa ni a ti fún ní ipa ọmọbìnrin náà. Èmi ni mo sọ fún un, níwájú yàrá àwọn olùkọ́. Ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.

"Ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa?" ó bi mí.

"Rárá o. Ìwé ló gùn jù. A mú gbogbo ipa yẹn kúrò."

"Kò burú," ó ní. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúkú pọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, a jókòó yí tábìlì ká ní ọ́fíìsì olùdarí láti ka ìwé náà síta, pẹ̀lú aago fóònù. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ṣe ìyá. Ọmọ Èkìtì gidi ni, ohùn rẹ̀ sì wúwo. Ọkùnrin kan tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ló máa ṣe ọ̀gá. Olùdarí ń ka ohun tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ìyá jókòó, ìyá ṣí fèrèsé. Tí ó bá ti kà á tán, yóò dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ìṣe náà máa gbà, kí àsìkò má bàa tàn wá jẹ. A dé òpin. Ó tẹ aago dúró.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá," ó ní. "A ò sì tíì fi orúkọ ẹnì kankan sí i."

Èmi lojú tì. Nọ́ọ̀sì náà ní bóyá òun ni kò yára tó. Olùdarí ní rárá, bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn ló fẹ́. Ó ní àwọn ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ló jẹ àsìkò, torí ìlà kan bíi "ó ń palẹ̀ yàrá mọ́" lè gba ìṣẹ́jú kan lójú kámẹ́rà.

Nọ́ọ̀sì náà ti padà sí ojú ewé keje. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá mi gbé àpótí yìí?"

A jọ wò ó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ jáde, wọ́n gbé e dé ibùdókọ̀. Ojú ewé kan ni. Nígbà tí a mú ọmọbìnrin kúrò, mo pa "ìyá àti ọmọ rẹ̀" rẹ́, ṣùgbọ́n mo gbàgbé "wọ́n." Àpótí náà ní etí méjì. Ìyá ti di etí kan mú, kò sí ẹni tó wà ní ìkejì.

"Ọ̀gá lè bá a gbé e," ọkùnrin akọrin ní.

"Nígbà náà a máa ní láti mú ọ̀gá dé ibùdókọ̀," olùdarí ní. "A tún ń fi kún un nìyẹn."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní kí ìyá má gbé àpótí náà. Kí ọ̀gá bi í pé àpótí ńkọ́, kí ìyá ní kí wọ́n fún ẹni tó bá lè lò ó. Kí ó mú ayùn nìkan lọ, torí pé ọwọ́ kan lè mú ayùn. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye owó ọkọ̀. Olùdarí ti ń kọ ọ́ kí n tó parí. Ìran ibùdókọ̀ lọ, ìlà díẹ̀ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ku ojú ewé mẹ́sàn-án àti díẹ̀. A tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Àyè wà fún orúkọ wa.

Mo ti pinnu pé mi ò ní ya eré náà láìjẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ Àìkú mo wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè, mo bá wọn lẹ́yìn Máàsì. Wọ́n ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo bu díẹ̀ sínú abọ́ tèmi, a jọ ń bó o. Lẹ́yìn náà mo nu ọwọ́, mo sì ka ìwé náà fún wọn. Wọn ò dá mi dúró. Níbi tí ọ̀gá ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn." Nígbà tí mo parí, wọ́n ṣì ń bó ẹ̀gúsí.

"Èmi nìkan ni mo lọ?" wọ́n bi mí.

"Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, Màámi. Ó ní láti dín kù."

"Ìwọ lo bá mi gbé àpótí yẹn. Ejìká rẹ bó."

"Mo mọ̀."

Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́rin, márùn-ún.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lára mi lọ́jọ́ náà. O wà níbẹ̀, mò ń rí ọ. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo lọ. O ò sọ̀rọ̀."

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo gbé abọ́ tèmi padà. A bó ẹ̀gúsí títí ó fi tán, wọ́n fún mi ní usu mẹ́ta, ìyẹn iṣu, àti òróró, mo sì wọkọ̀ padà sí Adó. Nínú ọkọ̀, mo ń dúró de kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dùn mí ni. Ó kàn wà níbẹ̀.

A ya fíìmù náà ní ọjọ́ méjì, ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tí kì í ṣe ti ọ̀gá àbúrò mi, àti ní yàrá kan ní Òkè-Ìlá. Iṣẹ́ tèmi ni láti di ìwé mú, kí n máa wò ó pé ohun tí wọ́n sọ ni ohun tí mo kọ. Nọ́ọ̀sì náà mú ayùn lọ́wọ́, ó jáde, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òde bí ẹni tó gbàgbé ibi tí òun ti ń wọkọ̀. Kò sí ìyẹn nínú ìwé. Olùdarí kò dá a dúró. Ìgbà tó to fíìmù náà tán, ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti méjìdínláàádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú orúkọ wa, àti ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀, torí èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ. A fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa tì í. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ímeèlì dé pé wọ́n gbà á. Olùdarí lọ síbẹ̀. Èmi ò lọ, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ìdánwò.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ìgèdè kí ìyá mi lè wò ó. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní obìnrin yẹn ṣe é dáadáa, ó kàn sanra jù wọ́n lọ. Mo ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé nígbà tí wọ́n ní:

"Àwọn tí o gé kúrò yẹn, ṣé o jù wọ́n nù ni?"

"Rárá. Wọ́n wà níbí."

"Kà wọ́n fún mi."

Mo ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀. Mo ní ìran ṣọ́ọ̀ṣì ni, obìnrin inú ọkọ̀, ọ̀kadà, àti báyìí báyìí. Wọ́n ní kí n ṣáà kà á.

Mo ṣí ti àkọ́kọ́, olójú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọbìnrin ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó bá ìyá rẹ̀ níwájú ilé, tó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá mi gbé orí ti ògiri, wọ́n di ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ pé aṣọ àdìrẹ ni ìyá wọ̀, wọ́n ní kì í ṣe àdìrẹ, ànkárá aláwọ̀ ewé ni, àdìrẹ ṣì wà lórí okùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣe àtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀.

"Máa kà á lọ," wọ́n ní.

Mo kà á lọ. Nígbà tí mo kan ọ̀kan nínú àwọn "bẹ́ẹ̀ ni, Mà" yẹn, ohùn mi dá, mo ní láti dúró kí n tó lè tún un sọ. Ìyá mi ò ṣí ojú. Wọ́n dúró dè mí. Mo tún un sọ, mo sì ṣí ojú ewé tó kàn.